Àpótí tó ń kéde owó ní ṣọ́ọ̀bù: ta ló ń sọ fún un pé owó ti wọlé?

Ọ̀rọ̀ àpótí kékeré tó ń pariwo owó lórí káńtà la fẹ́ bá yín sọ lónìí. Àwọn kan ń pè é ní sáúndìbọ́ọ̀sì, àwọn kan kàn ń pè é ní ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀. Bí oníbàárà bá fi tiráńsífà sanwó tán, ẹ̀rọ náà á sọ iye tó wọlé sókè ketekete, gbogbo ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù á sì gbọ́. Ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù ò ní wá jígí kiri, kò sì ní fọwọ́ tó kún fún epo mú fóònù.

Ìbéèrè tí àwọn èèyàn máa ń bi wá lórí ẹ̀ ni pé báwo ni nǹkan tí kò lójú, tí ò sì rí fóònù oníbàárà, ṣe wá mọ̀ pé owó ti dé. Àwọn kan gbà pé ó ń gbọ́ ohun tí fóònù ẹni tó wà níwájú káńtà ń ṣe. Àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ àlẹ́ẹ̀tì tó bá wọ fóònù ìyá oníṣọ́ọ̀bù ló ń kà. Méjèèjì kọ́. Ó sì dára ká mọ èyí tó jẹ́ òótọ́, torí pé ibẹ̀ ni ẹ ti máa mọ ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ gba ọ̀rọ̀ àpótí náà gbọ́ àti ìgbà tí kò yẹ.

Ẹ jẹ́ ká fi alájọ ṣàpèjúwe. Ká ní alájọ kan wà tó ń bá yín tọ́jú owó, tó sì gbà pé kí àwọn oníbàárà yín máa gbówó wá bá òun tààrà. Bó bá ti gba owó, tó sì ti kọ ọ́ sí ìwé lábẹ́ orúkọ yín, á rán ọmọ kan sí ṣọ́ọ̀bù yín pé, "Ìyá, wọ́n ní kí n sọ fún yín pé ẹgbẹ̀rún márùn-ún ti wọ ìwé yín." Ọmọ yẹn ò rí owó, kò sì mọ ẹni tó san án. Ohun tí alájọ kọ sínú ìwé ló wá jẹ́. Ọmọ tí wọ́n rán yẹn ni àpótí yìí. Alájọ ni ilé iṣẹ́ tàbí báǹkì tí àkáǹtì yín wà lọ́wọ́ ẹ̀. Àpótí náà fúnra ẹ̀ ò mọ nǹkan kan, ṣe ni wọ́n ń sọ fún un.

Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Orílẹ̀-èdè Íńdíà ló ti kọ́kọ́ gbilẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 2019, ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Paytm bẹ̀rẹ̀ sí í pín in fún àwọn onísọ̀ kéékèèké, àwọn tó ń ta tíì àti ẹ̀fọ́ lẹ́bàá títì, torí pé àwọn oníjìbìtì ń fi àwòrán ìsanwó ayédèrú han wọ́n. Ìṣòro kan náà ló dé bá àwa náà. Ẹ ẹ̀ ní gbàgbé oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí owó bébà di ohun tí à ń tò sí ẹnu báǹkì fún láti òru, tó jẹ́ pé tiráńsífà nìkan ló kù tí èèyàn lè fi ra gààrí. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ ìyá tí kò gba tiráńsífà rí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nọ́ńbà àkáǹtì sára páálí, tí àwọn aláàlẹ́ẹ̀tì èké náà sì rí ọjà ṣe.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé owó kan láti ọwọ́ oníbàárà dé ẹnu àpótí. Ká ní ìyá kan ń ta èlò oúnjẹ ní àdúgbò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ra ìrẹsì, òróró àti ẹja gbígbẹ, owó ẹ̀ jẹ́ ₦7,400. Fáàsì Báńkì ni ọmọ náà ń lò. Àkáǹtì tí ìyá so mọ́ àpótí ẹ̀ wà ní ilé iṣẹ́ míì, irú àwọn ilé iṣẹ́ owó orí fóònù tí a mọ̀ bíi OPay, PalmPay tàbí Moniepoint.

Ọmọ náà tẹ nọ́ńbà àkáǹtì ìyá, nọ́ńbà mẹ́wàá. Kó tó tẹ iye owó rárá, fóònù ẹ̀ á ti gbé orúkọ jáde. Orúkọ yẹn ò sí nínú fóònù ọmọ náà tẹ́lẹ̀ o. Báǹkì tiẹ̀ ló sáré bi ilé iṣẹ́ ìyá léèrè pé, "Ta ló ni nọ́ńbà yìí?" tí wọ́n sì dá a lóhùn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn ló tẹ ₦7,400, ó tẹ nọ́ńbà àṣírí ẹ̀. Fáàsì Báńkì wo ìwé tiwọn, wọ́n rí i pé owó wà, wọ́n yọ ₦7,400 kúrò lára owó ọmọ náà. Wọ́n wá kọ ìránṣẹ́ sí àárín gbùngbùn tí gbogbo báǹkì Nàìjíríà ti ń pàdé. NIBSS ni wọ́n ń pe ilé iṣẹ́ tó wà láàárín yẹn, òun ló sì ń ṣe ètò tiráńsífà ojú ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2011. Kí ọdún yẹn tó dé, owó tí ẹ bá fi ránṣẹ́ láti báǹkì kan sí òmíràn lè sùn sójú ọ̀nà di ọjọ́ kejì. NIBSS gbé ìránṣẹ́ náà fún ilé iṣẹ́ ìyá pé, "Ẹ kọ ₦7,400 sí àkáǹtì báyìí báyìí." Ilé iṣẹ́ ìyá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àkáǹtì náà wà ní ṣíṣí, wọ́n kọ owó náà sí ìwé, wọ́n sì dáhùn padà pé àwọn ti kọ ọ́. Ìdáhùn yẹn gba NIBSS kọjá padà sí Fáàsì Báńkì, fóònù ọmọ náà wá gbé "Successful" jáde. Bí ọ̀nà bá mọ́, gbogbo èyí ò ju ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ lọ.

Ìgbà tí ilé iṣẹ́ ìyá kọ owó náà sí ìwé ni ọ̀rọ̀ àpótí bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà wọn wò ó pé àkáǹtì yìí ní àpótí kan tí wọ́n so mọ́ ọn, wọ́n sì mọ nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ìdí ẹ̀. Wọ́n fi iṣẹ́ kékeré ránṣẹ́ sí i: iye owó, àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìsanwó náà. Àpótí gbà á, ó ké e jáde. Ẹ rí i pé kò sí ibi tí fóònù ọmọ náà ti bá àpótí sọ̀rọ̀ rárá. Ọmọ náà ì báà wà ní Ìbàdàn tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, àpótí ìyá á ké bákan náà.

Bó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ kan náà ni oníbàárà àti ìyá ń lò, owó náà ò ní gba ọ̀dọ̀ NIBSS kọjá. Inú ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n ti máa yọ ọ́ níbì kan, tí wọ́n á kọ ọ́ síbòmíì. Ìdí nìyẹn tí irú ìsanwó bẹ́ẹ̀ fi máa ń yá jù, àní lọ́jọ́ tí àwọn báǹkì ńlá ń ṣe ségesège.

Ẹ wá fi èyí wé àlẹ́ẹ̀tì tí à ń kà lórí fóònù. Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ni àlẹ́ẹ̀tì. Kò sí ohun tó so ó mọ́ ìwé owó yín ju pé báǹkì ló sábà máa ń fi ránṣẹ́ lọ. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà ẹ̀ lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ kó sì mú kí orúkọ báǹkì hàn lókè ẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn kọ orúkọ ẹlòmíì sẹ́yìn àpòòwé. Áàpù ayédèrú náà wà tó jọ ti báǹkì tòótọ́ bí ìbejì. Ẹni tó ń lò ó á tẹ nọ́ńbà, á tẹ iye, rìsíìtì aláràbarà á jáde, bẹ́ẹ̀ kọ́bọ̀ kan ò kúrò níbì kan. Gbogbo ìwọ̀nyí, ojú fóònù ẹlòmíì tàbí ojú àtẹ̀jíṣẹ́ ni wọ́n ń parí sí. Wọn ò lè dé inú ìwé tí àpótí ti ń gba iṣẹ́, ìyẹn ló jẹ́ kí àpótí náà níyì.

Ọ̀rọ̀ inú àpótí fúnra ẹ̀ ò le. Síìmù wà níbẹ̀, bíi ti fóònù, ti MTN, Airtel tàbí èyíkéyìí tí ilé iṣẹ́ bá fi sí i. Bátìrì wà, sípíkà wà, iná kékeré kan tó ń tàn wà, àti bọ́tìnnì mélòó kan tí wọ́n fi ń dín ohùn kù tàbí fi kún un. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé wáyà-lẹ́ẹ̀sì ṣọ́ọ̀bù tàbí ti fóònù ni wọ́n ń lò dípò síìmù. Bí ẹ bá ti tan àpótí náà, ṣe ló máa ń pe kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ ẹ̀, tí kò sì ní gbé fóònù sílẹ̀ mọ́. Ó kàn wà lórí ìlà ni, láìsọ nǹkan kan, tó ń dúró de iṣẹ́. Lóòrèkóòrè á sọ fún wọn pé òun ṣì wà, kí wọ́n má baà rò pé òun ti kú. Torí pé ó ti wà lórí ìlà tẹ́lẹ̀ ló fi máa ń yára ké. Kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ wá nọ́ńbà tí ó máa pè.

Ohùn tí ẹ ń gbọ́ yẹn, nínú ọ̀pọ̀ àpótí, kì í ṣe pé ẹnì kan ń kà á lọ́wọ́lọ́wọ́. Wọ́n ti gba ohùn èèyàn sílẹ̀ ní wẹ́wẹ́: ọ̀kan, méjì, ogún, ọgọ́rùn-ún, ẹgbẹ̀rún, náírà. Tí iṣẹ́ ₦7,400 bá dé, àpótí á ṣa èyí tó bá a mu, á tò wọ́n tẹ̀ léra. Ìdí nìyẹn tí ohùn náà fi máa ń já kánkán bí ọmọ ilé ìwé tó ń ka ABD. Ní ti èdè, ohun tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ sínú ẹ̀ náà ló máa sọ. Ní Íńdíà, oríṣiríṣi èdè ìbílẹ̀ ni oníṣòwò lè yàn. Kò sí ìdí kan nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ náà tí kò fi lè ka owó lédè Yorùbá, bí ilé iṣẹ́ bá ti lè gba ohùn Yorùbá sílẹ̀ fún un. A rò pé ó yẹ kí àwọn tó ń pín in gbọ́ èyí.

Ibi tí wàhálà máa ń wà nìyí: ìgbà tí àpótí bá dákẹ́. Ohùn àpótí lágbára ju ìdákẹ́jẹ́ ẹ̀ lọ. Bó bá ké, owó ti wọ ìwé. Bó bá dákẹ́, kò tíì sọ pé owó ò wọ ìwé o. Ọmọ tí alájọ rán lè ṣubú lọ́nà, kí owó ti wà nínú ìwé láti àárọ̀. A ti gbọ́ ọ̀ràn oníbàárà tí wọ́n dá dúró ní ṣọ́ọ̀bù fún wákàtí kan gbáko, tí wọ́n ń pè ní olè, tó sì jẹ́ pé owó ẹ̀ ti wọlé láti ìṣẹ́jú kìíní. Ẹni bẹ́ẹ̀ ò ní rajà níbẹ̀ mọ́ láé, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kó rà á.

Ohun tó lè fa ìdákẹ́jẹ́ ọ̀hún, ọ̀nà méjì ló pín sí. Ó lè jẹ́ pé àpótí ni ò gbọ́. Bátìrì ẹ̀ lè ti lọ nígbà tí kò síná láti àná. Síìmù ẹ̀ lè má rí nẹ́tíwọ̀kì, pàápàá láàárín ṣọ́ọ̀bù oníbúlọ́ọ̀kù tó há tó sì ní páànù lórí. Ẹlòmíì ti dín ohùn ẹ̀ kù nígbà tó ń gbọ́ ìwàásù lórí rédíò, ó wá gbàgbé. Ẹ wo iná ẹ̀. Àpótí kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ iná tàbí bó ṣe ń ṣẹ́jú tó fi ń sọ pé òun wà lórí ìlà, àti òmíràn tó fi ń sọ pé òun ń wá ìlà kiri. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e fún yín ni kẹ́ ẹ ti bi wọ́n pé èwo ni èwo, torí pé kì í ṣe ọ̀kan náà ní ilé iṣẹ́ gbogbo.

Ó sì lè jẹ́ pé owó gan-an ni ò tíì dé ìwé. Wọ́n ti yọ ọ́ lára owó oníbàárà, àmọ́ ìránṣẹ́ há sójú ọ̀nà, tàbí ilé iṣẹ́ yín ò dáhùn lásìkò. Nígbà yẹn, fóònù oníbàárà lè máa sọ pé "Pending", tàbí "Processing". Àwọn áàpù kan tiẹ̀ máa ń yára kọ "Successful" nígbà tó jẹ́ pé báǹkì ẹni tó fi ránṣẹ́ nìkan ló tíì ṣe ipa tiẹ̀. Oníbàárà ò purọ́, ìyá náà ò sì purọ́. Irú owó bẹ́ẹ̀, yálà kó padà wọlé sí ìwé yín nígbà tó bá yá, tàbí kí wọ́n dá a padà fún oníbàárà. Tí wọ́n bá dá a padà, àpótí yín ò ní ké rárá, torí pé kò dé ọ̀dọ̀ alájọ yín rí.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó jẹ́? Ẹ ṣí áàpù tiyín, lórí fóònù tiyín, kẹ́ ẹ wo ìtàn owó tó wọlé. Ìwé náà lẹ̀ ń wò yẹn, kì í ṣe ìránṣẹ́. Bí owó bá wà níbẹ̀, àpótí ló ni àìsàn, ẹ jẹ́ kí oníbàárà máa lọ. Bí ò bá sí níbẹ̀, owó ò tíì dé, bí rìsíìtì ẹni náà tilẹ̀ ń dán bíi góòlù. Ẹ má kàn wo àròpọ̀ owó tó wà lókè o. Bí ẹ ò bá rántí iye tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, nọ́ńbà yẹn ò lè sọ nǹkan kan fún yín. Ẹ wo ìlà kọ̀ọ̀kan, orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́, iye àti àsìkò.

Tí ọ̀rọ̀ bá wá di pé owó há sójú ọ̀nà ní tòótọ́, nǹkan kan wà lára rìsíìtì oníbàárà tó wúlò ju gbogbo àwọ̀ tó wà lára ẹ̀ lọ. Nọ́ńbà gígùn kan ni, wọ́n kọ "Session ID" sí iwájú ẹ̀, ọgbọ̀n nọ́ńbà ló jẹ́ tó bá jẹ́ pé láti báǹkì kan sí òmíràn ni owó ń lọ. Ká ní ti akẹ́kọ̀ọ́ wa rí báyìí (àpẹẹrẹ la kọ o, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni):

```
000016250514161237480215936704
```

Nọ́ńbà mẹ́fà àkọ́kọ́, 000016, ni àmì báǹkì tó fi owó ránṣẹ́. Ti Fáàsì Báńkì nìyẹn. Mẹ́fà tó tẹ̀ lé e, 250514, ni ọjọ́: ọdún 2025, oṣù karùn-ún, ọjọ́ kẹrìnlá. Mẹ́fà míì, 161237, ni àsìkò: aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kọjá ìṣẹ́jú méjìlá àti ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́tàdínlógójì. Méjìlá tó kù ni wọ́n fi dá ìsanwó yìí nìkan mọ̀ láàárín gbogbo tiráńsífà ọjọ́ náà. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá fi rìsíìtì hàn yín ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí àárín nọ́ńbà yẹn sì ń sọ agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ tàbí ọjọ́ àná, rìsíìtì ọjà mìíràn ló ń fi hàn yín. Àmọ́ ká sọ tòótọ́, oníjìbìtì tó gbọ́n lè to nọ́ńbà tó bá ọjọ́ mu. Ẹ ò lè fi ojú nìkan mọ̀ pé ó jẹ́ òótọ́. Ohun tí nọ́ńbà náà wà fún gan-an ni pé, bí ẹ bá kà á fún ilé iṣẹ́ yín tàbí báǹkì oníbàárà lórí fóònù, wọ́n lè wá a jáde kí wọ́n sọ ibi tí owó náà wà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí oníbàárà tó kúrò níwájú yín, ẹ má ṣe gba àwòrán nìkan.

Ọ̀rọ̀ àìrí nẹ́tíwọ̀kì yìí tún ní ẹ̀yìn kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n rán sí àpótí nígbà tí kò sí lórí ìlà kì í sábà ṣòfò. Kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ máa ń retí kí àpótí sọ pé òun ti gbọ́. Bí kò bá rí ìdáhùn, á tún un rán. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà lára iṣẹ́ náà ni àpótí fi ń mọ̀ pé òun ti ké èyí tẹ́lẹ̀, kó má baà ké e lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, owó tó wọlé ní aago méjìlá ọ̀sán lè di ohun tí àpótí ń ké ní aago méjì, nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá padà dé. Bó bá bọ́ sí i pé ẹnì kan dúró níwájú yín lásìkò náà, tó ń ṣe bí ẹni ń tẹ fóònù láti san ₦2,000, tí àpótí sì ké ₦2,000 ti oníbàárà tó ti lọ, ẹ lè gbé ọjà fún ẹni tí ò san kọ́bọ̀. Lẹ́yìn tí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ tó sì padà, ẹ jẹ́ kí àwọn igbe tó ti ń dúró jáde tán ná, kẹ́ ẹ sì máa fi ìtàn owó tó wà lórí áàpù wò ó. Bákan náà ni lọ́jọ́ ọjà tí oníbàárà mẹ́ta bá ń sanwó lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ àpótí iye nìkan ló ń sọ, kì í dárúkọ ẹni tó san án.

Àwọn oníjìbìtì ò sì jókòó lásán. Ohun tó rọrùn jù fún wọn ni pé kí wọ́n gba ohùn àpótí sílẹ̀ sórí fóònù wọn, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ariwo bá pọ̀. Bí ohùn bá ti ẹ̀gbẹ́ oníbàárà wá dípò ẹ̀yìn káńtà, ẹ má dá a lóhùn. Àwọn àpótí kan ní bọ́tìnnì tó ń tún ohun tí wọ́n ké kẹ́yìn sọ, ẹ tẹ̀ ẹ́. Bí àpótí yín bá tún iye míì sọ, èyí tẹ́ ẹ gbọ́ lẹ́ẹ̀kan ò ti ọ̀dọ̀ ẹ̀ wá. Ẹ tún máa fetí sí iye dáadáa. Ẹni tó jẹ́ ₦5,000 lè fi ₦500 ránṣẹ́ ní tòótọ́, àpótí á ké, ìyá tó ń wọn ẹ̀wà lọ́wọ́ á gbọ́ "fáìfù" nìkan.

Òmíràn ni ti ẹni tó máa wá pé òun ti ilé iṣẹ́ wá, òun fẹ́ tún àpótí ṣe tàbí fi tuntun rọ́pò ẹ̀. Ẹ rántí pé ohun tó so àpótí mọ́ àkáǹtì yín ò ju nọ́ńbà ìdí ẹ̀ tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ yín lọ. Ẹni tó bá gba fóònù yín àti nọ́ńbà àṣírí yín nítorí àtúnṣe kékeré, kì í ṣe àpótí ló ń tún ṣe. Bó bá sì jẹ́ pé ó fi àpótí míì rọ́pò tiyín, tó sì fi nọ́ńbà àkáǹtì tiẹ̀ rọ́pò tiyín lára páálí, àpótí náà á máa ké dáadáa o, owó ẹlòmíì ló kàn máa ń ké. Ibí ni orúkọ tí a ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn lẹ́ẹ̀kan ti wúlò. Ẹ máa sọ fún oníbàárà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pé kó ka orúkọ tó jáde lójú fóònù ẹ̀ síta kó tó fi owó ránṣẹ́. Orúkọ yẹn ti ilé iṣẹ́ tó ni àkáǹtì wá, páálí ò lè yí i padà.

Àpótí kì í sì í sọ̀rọ̀ lórí àkáǹtì tí wọn ò so mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ní àkáǹtì méjì, mẹ́ta, ọ̀kan ní báǹkì àtijọ́, ọ̀kan lórí fóònù, ọ̀kan tí a ń lò fún ẹgbẹ́. Bí oníbàárà àtijọ́ bá fi owó sí èyí tó ti mọ̀ lọ́wọ́ yín láti ọjọ́ pípẹ́, àpótí ò ní mira, owó sì ti wọlé. Kẹ́ ẹ tó bínú sí i, ẹ béèrè nọ́ńbà tó fi ránṣẹ́ sí.

Ohun kan tó kù tí àpótí ò lè mọ̀ láé ni ibi tí owó náà ti wá. Bí olè bá jí fóònù ẹlòmíì, tó sì fi owó inú ẹ̀ ra àpò ìrẹsì lọ́wọ́ yín, owó tòótọ́ ló máa wọlé, àpótí á ké. Ní ọjọ́ kejì, ẹni tí wọ́n jà lólè á lọ fẹjọ́ sùn, báǹkì sì lè ti owó náà mọ́ inú àkáǹtì yín títí ọ̀rọ̀ á fi yanjú. Fún ọjà ńlá tí ẹni tẹ́ ẹ ò mọ̀ rí ń rà pẹ̀lú ìkánjú, ẹ wo orúkọ tó jáde pẹ̀lú owó náà lórí áàpù yín, kẹ́ ẹ sì bi ẹni tó dúró níwájú yín ní orúkọ ẹ̀. Bí obìnrin bá ń sanwó tí orúkọ ọkùnrin jáde, ó lè jẹ́ ọkọ ẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ìbéèrè kan ò lè ba ọjà jẹ́. Kẹ́ ẹ sì kọ nọ́ńbà fóònù ẹ̀ sílẹ̀ kó tó gbé àpò náà lọ.

Ní ti ìtọ́jú, gbígba iná ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ fi í sí ṣáàjì lálẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ń fi fóònù sí i, ẹ gbé e sí ẹ̀bá fèrèsé tàbí ẹnu ọ̀nà tí nẹ́tíwọ̀kì ti ń wọlé, kì í ṣe ẹ̀yìn àwọn agolo tòmátì. Láràárọ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tajà, ẹ jẹ́ kí ọmọ ilé kan fi ₦50 ránṣẹ́ sí àkáǹtì tí wọ́n so mọ́ ọn. Bí àpótí bá ké, ẹ tajà. Bí kò bá ké, tí ₦50 sì ti wà lórí áàpù yín, ẹ mọ̀ pé fóònù lẹ máa fi ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà títí wọ́n á fi bá yín wo ohun tó ṣe é.